Ìṣeéṣe Èrè 88%: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni tó ń Ta Ọ́púṣọ̀n

Àwọn ìbéèrè tó máa ń padà wá lórí nọ́ńbà POP la kó jọ síbí. Àpẹẹrẹ òwò kan ṣoṣo la lò láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ ka ìbéèrè kejì kí ẹ tó fo síwájú.

1. Kí ni POP tí mo ń rí lójú áàpù ń sọ gan-an?

Ìṣeéṣe èrè ni. Ohun tó ń sọ ni pé, bí ẹ bá di òwò yìí mú títí di ọjọ́ tí àdéhùn máa parí, báyìí ni ó ṣe ṣeé ṣe tó pé ẹ máa jáde pẹ̀lú èrè, ì báà jẹ́ kọ́bọ̀ kan péré.

Kò sọ iye tí èrè náà máa jẹ́. Kò sì sọ iye tí ẹ máa pàdánù bí nǹkan bá yíwọ́. Ní ojú POP, ẹni tó pàdánù $1 àti ẹni tó pàdánù $5,000 kò yàtọ̀ síra: àwọn méjèèjì wà nínú ìdá tó kù.

2. Irú òwò wo lẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi sípírẹ́dì púùtù, ìyẹn títa púùtù kan pẹ̀lú ríra òmíràn, ṣe àpẹẹrẹ. Púùtù ni irú ọ́púṣọ̀n kan, àdéhùn tó fún ẹni tó rà á lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ìpín ilé-iṣẹ́ kan ní iye tí a ti fẹnu kò lé lórí. Ẹni tó tà á ló gba owó lónìí, òun náà ló sì máa ru ẹrù bí ìpín náà bá já wálẹ̀. Àdéhùn kan dúró fún ìpín 100.

Ìpín kan wà ní $100 lónìí. Ẹ ta púùtù 90, ẹ ra púùtù 85 láti fi ṣe ààbò, ó ku ọjọ́ 45 kí méjèèjì parí. Ẹ gba $47 lórí èyí tí ẹ tà, ẹ san $10 lórí èyí tí ẹ rà, $37 ló kù sọ́wọ́ yín. Bí ìpín náà bá parí sókè 90, gbogbo $37 náà di tiyín. Bí ó bá parí sísàlẹ̀ 85, ẹ jẹ gbèsè $500, ẹ yọ $37 tí ẹ ti gbà kúrò, àdánù yín di $463. Bí ó bá parí sáàárín 85 sí 90, àbájáde náà wà láàárín méjèèjì. $89.63 ni ojú ibi tí ẹ kò ti ní jèrè tí ẹ kò sì ní pàdánù. Lórí òwò yìí, áàpù máa gbé POP tó tó 88% sókè.

3. Báwo ni áàpù ṣe rí 88% yẹn?

Ohun mẹ́ta ló kó pọ̀: iye ìpín lónìí, iye ọjọ́ tó kù, àti ìwọ̀n bí iye náà ṣe lè fò sókè sódò, èyí tí a máa ń rí lójú áàpù gẹ́gẹ́ bí IV. A kì í wọn IV láti inú ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ìpín náà. Inú owó tí àwọn èèyàn ń san fún ọ́púṣọ̀n lónìí la ti ń fà á yọ, nípasẹ̀ ìlànà ìṣirò tí Black àti Scholes gbé jáde ní ọdún 1973 tàbí èyí tó jọ ọ́.

Nínú àpẹẹrẹ wa, IV jẹ́ 25% lọ́dún. Bí a bá gé ọdún sí ọjọ́ 45, tí a sọ 25% di púpọ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò onílọ́po méjì 45/365, ìṣísẹ̀ kan, ìyẹn bí iye náà ṣe sábà máa ń yẹ̀ tó, di nǹkan bíi 8.8%. Láti 100 dé 89.63 jẹ́ ìṣísẹ̀ kan àti díẹ̀, nǹkan bíi 1.2. Bí a bá gbà pé ìfòsókè-sódò ìpín náà rí bí agogo, tí èyí tó pọ̀ jù kó sí àárín tí àwọn tó jìnnà sì ṣọ̀wọ́n, àǹfààní pé ó máa kọjá ìṣísẹ̀ 1.2 sísàlẹ̀ jẹ́ bíi 11.5%. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 100, ó ku 88.5%.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Inú owó ọjà kan náà ni $37 tí ẹ gbà àti 88% tí ẹ ń wò ti jáde wá, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìkan kò lè ṣe ẹlẹ́rìí pé èkejì dára.

4. Bí mo bá ń jèrè nígbà 88 nínú 100, ṣé kì í ṣe pé mo ń lówó sí i nìyẹn?

Rárá o. Ẹ jẹ́ ká ṣe òwò yìí nígbà 1,000 lórí ìwé, pẹ̀lú ìṣirò áàpù fúnra rẹ̀, láì bá a jiyàn rárá.

Ìgbà 876 ni ìpín náà máa parí sókè 90, tí ẹ máa mú $37 lọ ní odindi. Ìgbà 89 ló máa parí sáàárín 85 sí 90. Mẹ́sàn-án nínú wọn ṣì máa mú èrè táṣẹ́rẹ́ wá, ṣùgbọ́n bí a bá ro gbogbo wọn pọ̀ tí a pín in, àdánù $181 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà 35 tó kù ló máa lọ sísàlẹ̀ 85, tí àdánù náà máa pé $463.

```
876 × 37  =  32,412
 89 × 181 =  16,109
 35 × 463 =  16,205
32,412 − 16,109 − 16,205 = 98
```

$98 lẹ́yìn òwò 1,000, ìyẹn nǹkan bíi kọ́bọ̀ mẹ́wàá dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun náà sì kàn jẹ́ èérún tó ṣẹ́ kù nígbà tí a sọ àwọn nọ́ńbà di odidi. Òdo ni. Kò sì sí ohun ìyanu níbẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ń dá owó lé ọ́púṣọ̀n nìyẹn: bí ìṣeéṣe èrè ṣe ń ga sí i ni èrè náà ń kéré sí i, tí àdánù sì ń tóbi, títí tí méjèèjì á fi dọ́gba. Ẹ lè wá èyí tí POP rẹ̀ jẹ́ 95%, ẹ máa rí i. Owó tí wọ́n máa san fún yín lórí rẹ̀ ló máa ṣe yín láàánú.

Ẹ tún wo ìlà kẹta yẹn dáadáa. Òwò 35 péré nínú 1,000 ló jẹ ìdajì gbogbo èrè tí òwò 876 kó wálé.

5. Mo rí ẹni tó ní 88% lọ́nà 37, yọ 12% lọ́nà 463, àdánù ńlá ló jáde. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Èyí náà kò tọ̀nà. Ó ka gbogbo àdánù sí àdánù odindi, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àdánù òwò yìí ni kì í pé odindi. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, àdánù tó lé ní $20 lórí òwò kọ̀ọ̀kan ló máa jáde, ẹ ó sì máa ju òwò tí kò burú nù. POP nìkan kò tó láti ṣírò èrè, ì báà jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi gbè é lẹ́yìn tàbí ẹ fẹ́ fi bú u.

6. Bí 88% náà bá tọ̀nà géérégé, ṣé ó ṣì lè tàn mí jẹ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ṣubú nìyí. Wọ́n máa ń rò pé bí àwọn bá lè fi ẹ̀rí hàn pé POP kì í purọ́, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ padà sí òwò 1,000 yẹn. Ẹ má fọwọ́ kan 876 tó jèrè. Ẹ kàn mú 15 nínú àwọn tó ṣubú sáàárín 85 sí 90, kí ẹ tì wọ́n sísàlẹ̀ 85. Èyí túmọ̀ sí pé ìpín yìí kì í já jù bẹ́ẹ̀ lọ ní iye ìgbà, ṣùgbọ́n nígbà tó bá já, ó máa ń já jìnnà ju bí ìṣirò ṣe rò lọ.

```
876 × 37  =  32,412
 74 × 181 =  13,394
 50 × 463 =  23,150
32,412 − 13,394 − 23,150 = −4,132
```

POP kò yí padà, 88% ni síbẹ̀. Bí ẹ bá kọ iye ìgbà tí ẹ jèrè sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ẹ máa rí i pé áàpù sọ òótọ́. Ẹ sì ń pàdánù $4 lórí òwò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí ẹ ń gbà lọ. Ohun tó yí èrè padà sí àdánù kò sí nínú ohun tí POP ń wọ̀n rárá. Bí a bá ti rí èrè, POP ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá sì ti ré $89.63 kọjá sísàlẹ̀, kò bìkítà ibi tí a dúró.

7. Kí ló lè mú kí ìpín já jìnnà ju bí ìṣirò ṣe sọ?

Ìṣirò tó rí bí agogo yẹn gbà pé iye ń rìn ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ọjà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ó máa ń fò. Ìròyìn èrè ilé-iṣẹ́ jáde lóru, ìpín náà sì ṣí ní 84 láàárọ̀ ọjọ́ kejì láì tilẹ̀ kọjá 90, 88 tàbí 86 lójú ọ̀nà.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1987, S&P 500, òṣùwọ̀n ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi 500 ní Amẹ́ríkà, já 20.5% lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí a bá fi IV 25% wa wò ó, ìṣísẹ̀ ọjọ́ kan jẹ́ bíi 1.6%, nítorí náà ìjábọ́ ọjọ́ yẹn jẹ́ ìṣísẹ̀ 13. Ìṣirò agogo sọ pé irú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀. Ó sì ṣẹlẹ̀, níṣojú àwọn tó ṣì wà láàyè.

Lẹ́yìn ọdún náà ni ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lé púùtù tó jìnnà sísàlẹ̀, débi pé IV púùtù 85 máa ń ju ti púùtù 90 lọ, ti 90 náà sì máa ń ju ti 100 lọ. Mo lo IV kan ṣoṣo fún méjèèjì nínú àpẹẹrẹ wa kí ìṣirò lè rọrùn. Ẹ wádìí ohun tí áàpù tiyín ń ṣe: àwọn kan ń lo IV kan fún gbogbo rẹ̀, àwọn kan ń lo ti àdéhùn kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí áàpù méjì fi lè gbé POP méjì jáde lórí òwò kan náà, láìsí pé ìkan ń ṣe èrú.

8. Mo ti ta irú èyí nígbà ogún, mi ò tíì rí àdánù odindi rí. Ṣé ìyẹn kò tó ẹ̀rí?

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Àdánù odindi jẹ́ 3.5% nínú àpẹẹrẹ wa. Àǹfààní pé ẹnì kan á ṣe é nígbà ogún láì pàdé rẹ̀ jẹ́ 0.965 tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ nígbà ogún, èyí tó jẹ́ 49%. Nítorí náà, bí èèyàn ọgọ́rùn-ún bá bẹ̀rẹ̀, bíi ìdajì wọn máa parí òwò ogún pẹ̀lú ìtàn tó dùn bíi tiyín. Òwò tó ń jẹ èèyàn run ní dídákẹ́ àti òwò tó dára gan-an jọra ní òwò ogún àkọ́kọ́. Àwọn àgbà ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ẹni tó bá ń ka iye ọjọ́ tí olè fi lọ láyọ̀, ọjọ́ olóhun ni kò tíì kà.

Ọ̀nà kan wà tó yá láti mọ bí ẹ̀rí yín ṣe tó. Bí ẹ bá ti ṣe òwò n láì rí àdánù ńlá kankan, ẹ pín 3 pẹ̀lú n. Ìdáhùn náà ni ìwọ̀n tí àdánù ńlá ṣì lè dé, tí ohun tí ẹ ti rí kò sì ní ta kò ó. Òwò ogún: 3/20, ìyẹn 15%. Ohun tí ẹ̀rí yín fi hàn ni pé àdánù odindi kò ṣeé ṣe kó ju 15% lọ. Bẹ́ẹ̀ ẹ ti rí i lókè pé ní 3.5% òdo ni èrè, ní 5% ó ti di àdánù.

Láti mọ ìyàtọ̀ láàárín 3.5% àti 5% pẹ̀lú ìdánilójú tó mọ́yán lórí, ẹ nílò òwò 600 ó kéré tán tí ọ̀kan kò gbára lé èkejì. Ẹni tó ń ṣe ọ̀kan lóṣù máa lo ọdún 50. Èmi ò mọ ẹni tó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

9. Bí mo bá ta púùtù 90 nìkan láìra 85, POP ga sí i, owó náà sì pọ̀ sí i. Kí ló dé tí mi ò fi ní ṣe ìyẹn?

Òótọ́ ni, ó ga sí i díẹ̀: láti 88.5% sí bíi 88.8%. Owó tí ẹ gbà náà di $47 dípò $37. Lójú áàpù, òwò kejì yìí borí ní ọ̀nà méjèèjì.

Ṣùgbọ́n kò sí ààbò mọ́ nísàlẹ̀ 85. Bí ìpín náà bá já bí S&P 500 ṣe já lọ́jọ́ yẹn ní 1987, tó sì parí ní $79.50, ẹ jẹ gbèsè $1,050. Ẹ yọ $47, àdánù $1,003. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá wó pátápátá tí ìpín rẹ̀ di òdo, àdánù yín jẹ́ $8,953. Sípírẹ́dì kò lè kọjá $463 láéláé.

Òwò méjì tí àdánù ọ̀kan lè fi nǹkan bí ìlọ́po ogún ju ti èkejì lọ, POP wọn fi 0.3% péré yàtọ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí n yan ẹ̀rí kan ṣoṣo tó fi hàn pé POP kì í wọn ewu, èyí ni màá yàn.

10. Bí mo bá pín in sórí ìpín mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ńkọ́?

Ó ń ṣèrànwọ́ ní ọjọ́ lásán, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣèrànwọ́ ní ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Bí ìpín mẹ́wàá náà kò bá mọ ara wọn rí, ẹ máa retí kí ọ̀kan jábọ́ nínú wọn ní oṣù kan. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rù bá ba gbogbo ọjà, wọ́n máa ń já pọ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2020, S&P 500 já 12% lọ́jọ́ kan; ilé-iṣẹ́ tó ń ta oògùn àti ilé-iṣẹ́ tó ń fò lófurufú jọ wà nínú ọgbẹ́ náà ni.

Ẹni tó ní $10,000 tó sì gbé sípírẹ́dì mẹ́wàá lé e lórí ń retí $370 bí gbogbo rẹ̀ bá yọrí. Bí gbogbo rẹ̀ bá já pọ̀, $4,630 ló lọ, ó sún mọ́ ìdajì àpò rẹ̀. POP ọ̀kọ̀ọ̀kan ni áàpù fi hàn án. Kò sọ bí wọ́n ṣe so mọ́ ara wọn.

11. Mo máa ń fi àṣẹ ìdádúró sí i, kí áàpù tì í pa bí àdánù bá ti pọ̀. Ṣé ìṣòro náà kò tán?

Bí ẹ bá ti fi àṣẹ yẹn sí i, POP tí ẹ ń wò kì í ṣe ti òwò yín mọ́. Ọjọ́ ìparí nìkan ni POP ń wò. Ìpín kan lè já dé 90 ní ọjọ́ ogún, kó tún padà sí 96 kó tó parí. POP kà á sí èrè, àṣẹ yín á ti tì í pa. Ìṣirò tó súnmọ́ òótọ́ ni pé àǹfààní kí iye fọwọ́ kan ibì kan lójú ọ̀nà jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po méjì àǹfààní kó parí sísàlẹ̀ ibẹ̀. Bí 12.4% bá ń parí sísàlẹ̀ 90, nǹkan bí ìgbà kan nínú mẹ́rin ló máa fọwọ́ kan 90.

Nítorí náà, ẹni tó ń tì í pa ní 90 ń jèrè ní bíi ìgbà 75 nínú 100, kì í ṣe 88. Bí ìfọwọ́kàn náà bá ṣẹlẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà, àdánù rẹ̀ jẹ́ bíi $130. Àdánù kéré sí i, ó sì ń wá léraléra. Ìròpọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí òdo tí a ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ ju kí n máa dúró de $463, torí ó jẹ́ kí n tètè mọ̀ bí ọ̀nà mi kò bá dára.

Ohun tí kò lè ṣe ni kó dá ìfò dúró. Bí ìpín bá sùn ní 93 tó jí ní 83, àṣẹ ìdádúró yín máa ṣiṣẹ́ ní 83, torí kò sí ẹni tó ń rà ní 90.

12. Bí mo bá ń ti òwò pa ní ìdajì èrè, mo máa ń jèrè ju 90% lọ. Ìyẹn ńkọ́?

Iye ìgbà tí ẹ ń jèrè máa ga sí i lóòótọ́, torí ìdajì èrè yá láti dé. Ṣùgbọ́n èrè yín ti di $18.50, tí àdánù odindi sì ṣì jẹ́ $463. Tẹ́lẹ̀, èrè 12 àti ààbọ̀ ni àdánù odindi kan ń gbé lọ. Ní báyìí, 25 ni.

Àǹfààní gidi kan wà nínú rẹ̀: ọjọ́ tí ẹ fi wà nínú ewu dín kù. Ẹ fi ìyẹn gbé e lárugẹ bó bá wù yín, kì í ṣe iye ìgbà tí ẹ jèrè.

13. Ṣé ẹ ń sọ pé kò sí èrè nínú títa ọ́púṣọ̀n rárá?

N kò sọ bẹ́ẹ̀. Lórí S&P 500, IV ti sábà máa ń ju ìfòsókè-sódò tó wáyé lẹ́yìn rẹ̀ lọ, bí a bá wo ìpíndọ́gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ibẹ̀ ni èrè ẹni tó ń tà ti ń wá. Àwọn èèyàn ń san lé díẹ̀ láti sùn dáadáa, ẹ sì ń gba díẹ̀ náà torí pé ẹ̀yin lẹ máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé bá jó. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń tà lè jèrè ní ìgbà tó ju POP rẹ̀ lọ, kí ọ̀nà náà sì dára. Àmọ́ POP kọ́ ló ń sọ bóyá àfikún yẹn wà nínú òwò ti òní.

Àfikún náà sì tín-ín-rín. Ẹ fi owó alágbàtà sí i, ẹ fi ìyàtọ̀ láàárín iye tí wọ́n ń rà àti iye tí wọ́n ń tà sí i, nígbà wíwọlé àti nígbà jíjáde. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ $4 péré, ó ti kó ju ìdá mẹ́wàá $37 lọ.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ju gbogbo wa lọ ti ṣubú níbẹ̀. Victor Niederhoffer jẹ́ olùdarí owó tó ní orúkọ; ó ti ta púùtù tí kò ní ààbò lórí S&P 500 nígbà tí Dow Jones já 7.2% ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1997, owó tó ń darí sì run. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2018, VIX, nọ́ńbà tó ń wọn IV ọjà ìpín Amẹ́ríkà, fò láti 17.31 sí 37.32 lọ́jọ́ kan, XIV, ìdókòwò tó ń jèrè nígbà tí ọjà bá fara balẹ̀, sì pàdánù ju 90% iye rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń lọ sókè wọ́ọ́rọ́wọ́ kó tó dọjọ́ náà.

14. Kí ni kí n máa wò kí n tó tẹ bọ́tìnì?

Ẹ ṣe irú ìlà mẹ́ta tí a ṣe ní ìbéèrè kẹrin: èrè odindi, ààbọ̀ àdánù, àdánù odindi. Ẹ tún ìlà kẹta ṣe pẹ̀lú ìgbà 50 dípò 35, kí ẹ sì mú 15 náà kúrò ní ìlà kejì. Bí òwò náà kò bá lè gba ìyípadà yẹn láìdi àdánù, ìmọ̀ yín nípa ìlà kẹta lẹ fi ń ta tẹ́tẹ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìlà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ dájú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbàgbé ìṣeéṣe fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ bi ara yín pé: bí gbogbo ọjà bá ṣí lọ́la ní 20% sísàlẹ̀, eélòó ló máa kù nínú àpò mi? Ìdáhùn yẹn ni kó pinnu iye àdéhùn tí ẹ máa tà. Ọ̀pọ̀ áàpù ní ojú ìwé tí ẹ ti lè sún iye ìpín sísàlẹ̀ kí ẹ rí àdánù. Bí tiyín kò bá ní i, bébà àti bírò tó o.

15. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń ra?

Ó kàn án, ní ìdàkejì. Ẹni tó ra sípírẹ́dì tí ẹ tà yìí san $37, POP tirẹ̀ jẹ́ bíi 11%. Áàpù á fi àwọ̀ pupa kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn á sì ní ó ń jó owó. Òwò kan náà ni, òdo kan náà ló wà ní ìdí rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé òun ló ń dúró de ìgbà 35 yẹn. Bí 35 bá jẹ́ 50 lóòótọ́, òun ló ń jèrè $4 tí ẹ ń pàdánù, pẹ̀lú POP 11% rẹ̀ lójú áàpù.